Afẹ́fẹ́ tó ń yíjú padà: ìdí tí mọnsúùnù kì í fi í ṣe òjò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì dé láti ilé ìwé, ó ní tísà jọ́gíráfì sọ pé afẹ́fẹ́ ni mọnsúùnù, pé kì í ṣe òjò. Gbogbo fíìmù Íńdíà tí à ń wò, tí wọ́n bá ti ní mọnsúùnù dé, òjò ló máa ń rọ̀. Èwo ni ká gbà? Bó bá sì jẹ́ afẹ́fẹ́ lóòótọ́, ṣé a ní i ní Èkìtì níbí?
Ìyá kan, Ìkéré-Èkìtì

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Tísà yẹn ló jàre, àwa náà sì ní mọnsúùnù ní Èkìtì. Afẹ́fẹ́ tútù tó ń ti apá òkun gba ọ̀nà Oǹdó wọ Ìkéré fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún, òun ni. Ọyẹ́ tó ń gba ọ̀nà Ìkọ̀lé àti Ọ̀mùò bọ̀, tó ń la ètè yín ní oṣù kejìlá, ìdajì kejì rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá ti gbà pé ọyẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìdajì iṣẹ́ ti parí, torí kò sẹ́ni tó máa pe ọyẹ́ ní òjò.

Ohun tí àwa onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pè ní mọnsúùnù ni afẹ́fẹ́ tó ń ti ibì kan fẹ́ wá ní apá kan ọdún, tí yóò sì yíjú padà pátápátá ní apá kejì, bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún láìyẹ̀. Ní 1971, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ramage gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ tí a ṣì fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí èèyàn wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti sábà ń wá ní oṣù kìíní, kó sì wo ibi tó ti sábà ń wá ní oṣù keje. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá tó dígírì 120 lójú kọ́ńpáàsì, tí afẹ́fẹ́ náà sì dúró déédéé, tí kì í ṣe fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lásán, a jẹ́ pé mọnsúùnù wà níbẹ̀. Ẹ gbé e lé Ìkéré wò: àríwá ìlà-oòrùn ni ti oṣù kìíní nígbà tí ọyẹ́ bá mú, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ti oṣù keje. Òdìkejì ara wọn gan-an ni, dígírì 180. Ẹ ó sì rí i pé Ramage kò fi òjò kankan sínú ìwọ̀n rẹ̀. Lóde òní, àwọn kan nínú wa máa ń wo bí òjò ṣe pọ̀ tó ní ìgbà kan ju ìgbà mìíràn lọ kí wọ́n tó ya ibi tí mọnsúùnù dé sórí máàpù. Èmi kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n yíyí afẹ́fẹ́ ni ìpìlẹ̀.

Àwọn ará Íńdíà tí ẹ ń wò nínú fíìmù kò purọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, tí afẹ́fẹ́ bá ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn fẹ́, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òjò ọdún ló ń rọ̀ láàárín oṣù mẹ́rin yẹn. Afẹ́fẹ́ dé, òjò dé, wọ́n sì fi orúkọ èkíní pe èkejì. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹwàá lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á yí, á máa ti àríwá ìlà-oòrùn wá, mọnsúùnù ni wọ́n sì ń pe ìyẹn náà. Gbígbẹ ló máa ń gbẹ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọn. Chennai àti àyíká rẹ̀, ní etí òkun ìlà-oòrùn, ni tiwọn yàtọ̀: kí afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn tó kan wọ́n, ó ti gba orí Òkun Bẹ́ńgálì kọjá, ó ti kó omi lọ́nà, nítorí náà ìgbà tí àwọn yòókù ń rí ẹ̀rùn ni àwọn ń rí òjò wọn tó pọ̀ jù. Kí àwọn onímọ̀ tó dá sí i rárá, àwọn atukọ̀ ojú omi ló mọ ọ̀rọ̀ yìí jù. Ìgbòkun ni wọ́n ń ta láti Arébíà àti Íńdíà lọ sí Mombasa àti Zanzibar, wọ́n á bá afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn lọ, wọ́n á dúró de ìgbà tó bá yíjú padà, wọ́n á sì bá ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn padà sílé. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ báyẹn kò bìkítà bóyá òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀.

Kí ló ń yí tiwa padà? Oòrùn ni, àti pé ilẹ̀ kì í gba ooru bí omi ṣe ń gbà á. Láti oṣù kẹta lọ, oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ apá àríwá. Iyanrìn Sàhárà á gbóná kíákíá, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ á fẹ̀, á fúyẹ́, á gòkè. Òkun kì í tètè gbóná bẹ́ẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ ṣì wúwo, ó sì ń ṣàn lọ síbi tí ó fúyẹ́. Orírun ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ wa jìnnà gan-an: orí Òkun Àtìláńtíìkì ní apá gúúsù, lágbègbè erékùṣù Saint Helena, ni afẹ́fẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá kọ́kọ́ gbéra, gúúsù ìlà-oòrùn ló ti ń wá. Bó bá wá ré ìlà agbedeméjì ayé kọjá, bí ayé ṣe ń yí á tì í sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó di afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó sì wọlé sí wa láti Èkó àti Oǹdó. Ní oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, oòrùn ti lọ sí gúúsù, Sàhárà á tutù, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á wúwo, òun ni yóò sì wá máa ṣàn bọ̀ wá bá wa pẹ̀lú eruku rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ méjèèjì yìí ní ìlà tí wọ́n ti ń pàdé nílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ máa ń kọ ọ́ ní ITD, bí ẹ bá sì ń ka àlàyé àjọ NiMet lórí bí òjò ọdún yóò ṣe rí, ẹ ó bá a níbẹ̀. Ní oṣù kìíní, ìlà yìí máa ń wà nítòsí etí òkun wa, láàárín dígírì 6 sí 8 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ní oṣù kẹjọ, ó ti gòkè dé nǹkan bí dígírì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti fi Kánò sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, ó ti wọ aṣálẹ̀ Nìjẹ́ẹ̀. Kì í yára gòkè, ṣùgbọ́n tó bá ń padà bọ̀, kì í jáfara. Ìkéré wà ní nǹkan bí dígírì 7 ààbọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ tiwa kì í fi í dúró bí ti Kánò: ìlà náà á sún sí gúúsù díẹ̀, ẹ ó jí sí eruku àti òtútù, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà á sún padà, òógùn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí, torí wọ́n rò pé níbi tí afẹ́fẹ́ tútù àti gbígbẹ bá ti pàdé ni òjò á máa rọ̀. Nígbà tí mọnsúùnù bá ń wọlé, afẹ́fẹ́ tó ti òkun wá tutù ju ti Sàhárà lọ, ó sì wúwo jù ú lọ, nítorí náà abẹ́ rẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ẹ fojú inú wo àáké tí wọ́n fi lélẹ̀ ní ìbú: ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ó kọjú sí àríwá, ìdí rẹ̀ nípọn, ó wà ní apá òkun. Bí mọnsúùnù ṣe rí nìyẹn. Nítòsí ìlà ìpàdé, gíga rẹ̀ lè má ju ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan lọ. Àwọsánmà tó bá fẹ́ ga níbẹ̀ á yọrí sínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, omi inú rẹ̀ á sì fẹ́ lọ kó tó di òjò. Àfi tí ẹ bá lọ sí gúúsù dáadáa, níbi tó ti nípọn tó nǹkan bí 1,500 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí àwọsánmà tó rí ààyè dàgbà. Hamilton àti Archbold kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nípa Nàìjíríà ní 1945, wọ́n pín in sí ipele-ipele láti àríwá bọ̀ sí gúúsù. Ó ṣeé ṣe kí àwòrán náà wà nínú ìwé jọ́gíráfì ọmọ yín.

Ẹ jẹ́ ká wá bá ọdún kan rìn ní Ìkéré. Ní ìparí oṣù kejì, ọyẹ́ ti kógbá wọlé, ìlà ìpàdé ti kọjá orí yín lọ sí ọ̀nà Ìlọrin. Òru á máa móoru, aṣọ kì í tètè gbẹ mọ́, iyọ̀ inú agolo á bẹ̀rẹ̀ sí í rin. Ẹ gbé ìgò omi tútù láti inú fíríìjì sórí tábìlì. Nígbà ọyẹ́, ara ìgò yẹn á gbẹ tàbí kó kàn rin díẹ̀. Báyìí, kí ẹ tó ka ogún, omi á ti máa kán sórí tábìlì. Inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn wà. Ara ìgò kàn tutù tó láti mú un yọ ni. Ohun tí àwa náà ń fi ẹ̀rọ wò kí a tó sọ ibi tí ìlà wà kò jìnnà sí èyí: a ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó kí omi inú rẹ̀ tó sẹ̀. Bó bá ti lè sẹ̀ ní dígírì 15 lójú tẹmómítà tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, a máa ń gbà pé afẹ́fẹ́ òkun ti dé ibẹ̀. Nígbà náà, mọnsúùnù ti wà ní Ìkéré, ó wà nínú yàrá yín, òjò sì lè má tíì rọ̀ rárá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí ẹnu àáké ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn yín.

Lẹ́yìn náà ni ìjì oṣù kẹta àti ìkẹrin. Ẹ rántí ibi tí wọ́n ti ń wá. Ojú ọ̀run á ṣú dùdù ní ọ̀nà Ìṣẹ̀ àti Ẹmùré, ní ìlà-oòrùn; afẹ́fẹ́ á dákẹ́ rọ́rọ́; lójijì ẹ̀fúùfù tútù á gba ojú títì, á gbé páànù, á ṣẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, òjò á wá tẹ̀lé e, gbogbo rẹ̀ á sì kọjá lọ sí ọ̀nà Ìgbàrà-Odò. Ìwọ̀-oòrùn ló ń lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni mọnsúùnù ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀. Wọ́n dojú kọ ara wọn! Ohun tó ń gbé ìjì náà rìn ni afẹ́fẹ́ mìíràn tó wà lókè, ní nǹkan bíi kìlómítà 3 sí 4, tó ń ti ìlà-oòrùn fẹ́ lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Omi tí ìjì ń lò ni mọnsúùnù ń gbé wá fún un láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀fúùfù tó ń ṣí òrùlé náà kò ti òkun wá: òjò tó ń já bọ́ gba inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, apá kan rẹ̀ fẹ́ lọ lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ náà tutù, ó wúwo, ó já wálẹ̀, ó sì fọ́n káàkiri níwájú òjò. Nítorí náà nínú ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, afẹ́fẹ́ mẹ́ta ló ti ṣiṣẹ́ lórí Ìkéré, mọnsúùnù sì jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn.

Oṣù kẹjọ ni ẹ̀rí tó lágbára jù lójú tèmi. Ó yẹ kí ó jẹ́ ìgbà tí òjò pọ̀ jù tó bá jẹ́ pé òjò ni mọnsúùnù, nítorí ìgbà yẹn gan-an ló lágbára jù, tó nípọn jù, tó sì wọ ilẹ̀ jìnnà jù. Ẹ mọ bí oṣù kẹjọ ṣe ń rí ní Èkìtì. Ojú ọ̀run á ṣókùnkùn láti àárọ̀, ìkùukùu á bo orí àpáta Olósùnta, ẹ ó wọ súwẹ́tà, òjò wínníwínní á ta sí ojú ọ̀nà, á sì tán. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òjò gidi máa ń dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, láti ìparí oṣù keje lọ. Àwọn àgbẹ̀ máa ń fi àyè yẹn kórè àgbàdo àkọ́kọ́.

Ohun méjì ló fà á. Èkíní, ìlà ìpàdé ti jìnnà sókè, ibi tí òjò ti ń pọ̀ náà sì ti bá a lọ. Oṣù kẹjọ tí tiwa ń sinmi ni òjò Kánò máa ń pọ̀ jù lọ́dún. Omi tó gba orí yín kọjá ló ń lọ rọ̀ síbẹ̀. Èkejì, láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ti ìsàlẹ̀ òkun yọ sókè ní etí òkun Gánà àti Aifiri Kósìtì. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí omi tútù yẹn wá á tutù nísàlẹ̀, nígbà tí òkè rẹ̀ gbóná díẹ̀ jù ú lọ. Afẹ́fẹ́ tó bá rí bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ gòkè. Àwọsánmà á tẹ́ lọ bẹẹrẹ bí ó ti wù kó pọ̀ tó, kò ní í ga, kò sì ní í rọ òjò gidi. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé ẹ̀rọ sí Ilé-Ifẹ̀, sí Savè ní Bẹ̀nẹ̀, àti sí Kumasi, nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní DACCIWA. Wọ́n rí i bí afẹ́fẹ́ tútù láti òkun ṣe ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́, tó ń yára sí i lóru, tí àwọsánmà fi ń hù nítòsí ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, tó sì ń wà títí ó fi di ọ̀sán. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n rí mọnsúùnù tó kún fún omi, tí kò sì sí òjò kankan.

Bí ẹnì kan bá ṣì ń jiyàn, ẹ ní kó wo Accra. Etí òkun ló wà, mọnsúùnù kan náà ló ń fẹ́ síbẹ̀, síbẹ̀ nǹkan bí 800 mílímítà òjò péré ló ń rí lọ́dún, tí Ìkéré tó wà nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún sì ń rí jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ etí òkun Accra kọjá ju bó ṣe ń dojú kọ ọ́ lọ, omi tútù tí mo sọ níṣàájú sì wà níwájú rẹ̀. Ní Debundscha ní Kamẹrúùnù, afẹ́fẹ́ náà á bá òkè ńlá pàdé ní gbàrà tó bá kúrò lórí òkun, kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó gòkè lọ, òjò ibẹ̀ sì ń tó nǹkan bí 10,000 mílímítà lọ́dún. Ohun tó bá gbé afẹ́fẹ́ sókè ló ń pinnu òjò: òkè, ooru ilẹ̀, tàbí ìjì. Mọnsúùnù kàn ń gbé omi wá ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ibi tó ti kan àpò àgbẹ̀. Òjò kan lè rọ̀ ní oṣù kẹta nígbà tí ìjì kan bá kọjá, tí gbogbo èèyàn á sì sáré lọ gbin àgbàdo. Tí ìpele mọnsúùnù bá ṣì tín-ín-rín nígbà náà, ìlà ìpàdé lè sún padà sí gúúsù, ọ̀sẹ̀ méjì á lọ láìsí òjò, irúgbìn á sì kú sínú ilẹ̀. Ẹ lè fura sí i tí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìjì náà bá mọ́ kedere, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí ìgò omi tútù kò sì fi bẹ́ẹ̀ sẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọsánmà rírẹlẹ̀ bá ń yọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ léraléra, tí òru kò tutù mọ́, tí òjò kejì sì tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ láìpẹ́, ìpele náà ti ń nípọn. Èyí kò lè dí ipò àsọtẹ́lẹ̀ tí NiMet ń gbé jáde lọ́dọọdún, nítorí ohun tó wà lórí yín lónìí nìkan ló ń sọ.

Tí ọmọ yín bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó má wo èéfín ilé ìdáná, torí àpáta àti àfonífojì Ìkéré máa ń darí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ síbi tó wù wọ́n, pàápàá lóru. Kó wo àwọsánmà tó rẹlẹ̀ jù ní nǹkan bí aago méje àárọ̀ ní oṣù keje, kó dúró síbì kan, kó fi orí igi tàbí orí òpó iná ṣe àmì. Ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n ń ti bọ̀, ọ̀nà Ìkọ̀lé ni wọ́n á máa lọ. Ní oṣù kìíní, àwọsánmà lè má sí rárá, nítorí náà kó dúró de ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú gan-an, kó sì so rìbọ́ọ̀nù mọ́ orí igi gíga kan ní gbangba lọ́wọ́ ọ̀sán, nígbà tí ooru bá ti da afẹ́fẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀. Kó kọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti wá sílẹ̀ nígbà méjèèjì, kó mú un lọ fún tísà rẹ̀.